Wọ́n kán òróró tíì-tíríì sí ológbò wa lọ́rùn nítorí kòkòrò iná, ó sì ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́

Àdùkẹ́, 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Iná, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, pọ̀ lára ológbò wa, àbúrò mi sì gbọ́ níbì kan pé òróró tíì-tíríì máa ń lé e. Ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, ó kán an sí i láti ẹ̀yìn ọrùn dé àárín èjìká, ó ní á tó ìkán 10, ó sì fi ọwọ́ pa á wọ ara rẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ sára igo ni 100%. Ológbò náà ò ju kílò 3 lọ.

Láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn ni itọ́ ti ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, bíi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó fẹ́ fò sórí àga lẹ́ẹ̀kan, kò dé ibẹ̀ tó fi já sílẹ̀. Ṣé kí n fún un ní wàrà mu ni, àbí kí n jẹ́ kó sùn ún?

Bọ́sẹ̀, 8:16 alẹ́

Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ara ewé ni wọ́n ti fà á jáde, kì í ṣe májèlé. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ó ń lá a. Ẹ wá nǹkan dè é lọ́rùn kó má baà lè lá ara rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi òróró àgbọn ra ojú ibẹ̀ kó lè là. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti tú.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 8:19 alẹ́

Àdùkẹ́, ẹ má fi òróró kankan kún un o, ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Bọ́sẹ̀ ò ṣìnà lórí pé kò yẹ kó máa lá a. Ṣùgbọ́n òróró yìí ò nílò ẹnu kó tó wọlé, awọ ara ló ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá dè é lọ́rùn tí ẹ fi òróró náà sílẹ̀ níbẹ̀, á kàn máa wọlé lọ ni. Òróró àgbọn á tún tàn án kiri ara ni, kò ní mú un kúrò.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, nísinsìnyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ní, kí ó má baà fi èékánná ya yín, kí ìṣòro tiyín má sì kún tirẹ̀. Ẹ mú ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, torí omi lásán ò lè ká òróró kúrò lára irun, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ ìwẹ̀ tó rọra ò ṣe é tó. Ẹ kọ́kọ́ da ọṣẹ náà sójú irun gbígbẹ níbi tí òróró wà, ẹ pa á pọ̀ mọ́ irun, kí ẹ tó wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Kó má gbóná o, omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sí awọ ara, òróró á sì tètè wọlé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, títí tí òórùn yẹn á fi fẹ́ẹ̀ tán. Kí ọṣẹ má kàn án lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu ún gbẹ dáadáa, kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e. Òróró yìí máa ń mú kí ara wọn tutù, ológbò tó tutù tí irun rẹ̀ tún rin á wá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fún un ní wàrà, kò lè pa oró náà. Ẹ má sì mú un bì. Òróró fúyẹ́, ó sì ń yọ̀. Bó bá ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ó rọrùn kó yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á kí oró gan-an tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà nílé, kí ó máa pe dókítà ẹranko bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣẹ́gun_O, 8:31 alẹ́

Ẹ pa dífúsà yẹn kíá, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Èmi ti sọ fún ìyàwó mi títí pé ẹ̀rọ tó ń tu òórùn sínú yàrá yẹn ò bá ẹranko mu.

Àdùkẹ́, 8:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, a ò ní dífúsà, ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n kán an sí.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun mà. A ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn ti dínkù gan-an, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ọ díẹ̀ nídìí irun. Ó jọ pé itọ́ ń lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń bà mí lẹ́rù, ó ti ń gbọ̀n báyìí, àní nígbà tó dùbúlẹ̀. Mo rí dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ní ká máa bọ̀, àmọ́ ọ̀nà jìn díẹ̀. Ṣé kò ní burú tí mo bá dúró títí di àárọ̀, níwọ̀n bí a ti fọ̀ ọ́ kúrò?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 8:57 alẹ́

Ẹ máa lọ. Wákàtí 2 sí 12 lẹ́yìn tó kàn wọ́n ni àmì òróró yìí sábà máa ń yọjú. Ìrọ̀lẹ́ aago 4 ni wọ́n fi sí i, aago 9 ló fẹ́ lù yìí. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń rí lè má tíì jẹ́ òpin rẹ̀. Ohun tí ẹ fọ̀ kúrò ò ní wọlé mọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé láti wákàtí mélòó kan wá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ mú igo náà dání, ẹ má da á nù. Dókítà fẹ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀: orúkọ òróró, ìdá tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá wọ́n pò ó mọ́ nǹkan míì. Ẹ bá a kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago báyìí ni wọ́n fi sí i, iye tó tó báyìí, aago báyìí ni ẹ wẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe wúwo tó. Nínú ọkọ̀, kó wà nínú tówẹ́ẹ̀lì, kí orí rẹ̀ wà ní gbangba kó lè mí. Bí gìrì bá mú un lójú ọ̀nà, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá Ajá Méjì, 9:20 alẹ́

Ọlọ́run á bá wa dá a sí. Kí ẹni kankan má rò pé ológbò nìkan ló ń ṣe o. Ẹni tó máa ń bá mi wẹ ajá ló rí egbò kan ní ìdí èyí tó kéré nínú àwọn méjèèjì, ibi tó ti máa ń ya ara rẹ̀ jẹ. Ó bá fi òróró kan náà yìí pa á láìpò ó mọ́ nǹkan kan, kò sì sọ fún wa. Lóru, a ṣàdédé rí ajá tí kò lè dìde. Iwájú ń gbéra, ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀. A rò pé ọkọ̀ ló gbá a, tàbí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló kán. Dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó gbé imú sún mọ́ ọn ló béèrè pé, "Kí ni ẹ fi pa á?" Òórùn ló tú àṣírí.

Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Ajá tó tó kílò 20 nìyẹn o, kì í ṣe ológbò kílò 3.

Bọ́sẹ̀, 9:41 alẹ́

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ṣámpù ajá tí mo ń lò, òróró tíì-tíríì wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú. Ẹranko ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá jẹ́ májèlé, kí ló dé tí wọ́n ń tà á? Èmi ṣì gbà pé bí wọ́n ṣe lò ó ló ṣe é, kì í ṣe òróró náà.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 10:05 alẹ́

Bọ́sẹ̀, lórí èyí ẹ gbà á mú díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ká ní ìdá 1 nínú 100 ni òróró tó wà nínú ṣámpù yín. Bí ẹ bá lo mílílítà 10 fún ìwẹ̀ kan, òróró tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mílílítà 0.1, tí í ṣe bíi ìkán 2. Ó wà nínú ọṣẹ, ó sì máa bá omi lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Àdùkẹ́. Nǹkan bí ìkán 20 ló ń wọ mílílítà 1, nítorí náà ìkán 10 jẹ́ mílílítà 0.5. Ìlọ́po 5 nìyẹn, lára ẹranko tó kéré, láìsí ohun tó là á, ó sì jókòó sí awọ ara fún wákàtí mẹ́rin ó lé. A ti rí i tí ìkán 7 tàbí 8 òróró tí kò là fi sọ ẹranko di aláìsàn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra igo kékeré yẹn ò ra ṣámpù, ohun tó rà nípọn tó ìlọ́po 100 ti inú ṣámpù.

Ọ̀rọ̀ pé "ara ewé ni" ò sì gbe ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn ẹranko kan kó ìṣẹ̀lẹ̀ òróró tíì-tíríì 100% tó wà lákọsílẹ̀ láàárín ọdún 2002 sí 2012 jọ, ó jẹ́ 443: ajá 337, ológbò 106. Nínú 89 lórí 100 wọn, kì í ṣe pé ẹranko lọ tú igo. Ẹni tó ni ín ló mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i lára, ó fẹ́ fi ṣe é lóore. Gẹ́lẹ́ bíi ti àbúrò Àdùkẹ́.

Tọ́lání, 10:22 alẹ́

Kí ló wá dé tí ológbò fi máa ń burú jù? Ilé wa, a máa ń fi ohun kan náà pa ara, kò sí ohun tó ń ṣe wá.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 10:48 alẹ́

Ẹ̀dọ̀ ni. Lára èèyàn àti ajá, nígbà tí èròjà àjèjì bá wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ máa so irú ṣúgà kan mọ́ ọn. Ṣúgà yẹn ló ń jẹ́ kó lè yòrò nínú omi, kí kídìnrín lè yọ ọ́ pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe síso yẹn, oríṣiríṣi sì ni wọ́n. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, èyí tí jíìnì tó ń jẹ́ UGT1A6 ń ṣe, ti kú lára ológbò. Jíìnì náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn onímọ̀ rò pé torí pé ẹran nìkan ni ìran wọn ń jẹ láti ayébáyé ni, wọn ò nílò ohun tó ń gé oró ewé.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé wóró pàrásítámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí kì í ṣe yín ní nǹkan kan lè pa ológbò. Èròjà tó bá jọ irú rẹ̀, bí èyí tó wà nínú òróró kànáfùrù, á máa yí po nínú ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn èròjà tíì-tíríì jẹ́ ẹbí mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di ohun tó lè yòrò nínú omi kí wọ́n tó jáde.

Fi kún un pé ológbò máa ń lá ara rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohunkóhun tó bá bà lé irun rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ. Ajá ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀, òun ló fi máa ń gba díẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe pé kò ní ìwọ̀n tó lè wó o lulẹ̀. Bàbá Ajá Méjì ti sọ tiwọn.

Ṣẹ́gun_O, 11:15 alẹ́

Ẹ padà sórí dífúsà tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mi ò ka ìbéèrè tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró. Ìyàwó mi ní òórùn lásán ni, kò sí òróró níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 11:30 alẹ́

Irú dífúsà tó wà nílé yín ló máa sọ. Èyí tó jẹ́ igo tí wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀, òórùn ló ń tú jáde lóòótọ́. Ewu rẹ̀ ni kí ológbò gbá a ṣubú, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó wá lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, tó ń gbé omi sókè bí èéfín funfun, òróró gan-an ló ń fọ́n, ní ẹ̀kán kéékèèké. Ẹ fi dígí kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, kí ẹ wá fi ìka ra á, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀. Ohun tó wà lójú dígí yẹn náà ló wà lára irun ológbò tó sùn nínú yàrá náà.

Ó tún lè bà wọ́n lójú, nímú àti lẹ́dọ̀fóró, pàápàá ológbò tó ní ikọ́ fée. Àwọn kan ń rí i tó ń wúkọ́, wọ́n á ní irun ló fẹ́ bì. Ẹ wo ikùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ bì irun, ikùn á máa fà sókè-sódò pẹ̀lú agbára. Bó bá jẹ́ pé ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn, tí ikùn ò sì fẹ́ẹ̀ mì, èémí ló ń wá. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbi atẹ́gùn tútù. Bí kò bá rọlẹ̀ láìpẹ́, dókítà ni.

Tọ́lání, 11:44 alẹ́

Tiwa ń tu lafẹ́ńdà láti ọdún yìí wá, ológbò wa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mi ò rò pé mo máa gbé e jù nù. Ẹ̀yin rò pé tí mo bá ń pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, tí mo sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè jáde nígbà tó bá wù ú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 11:58 alẹ́

Ó sàn ju kí ó máa tu títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ, mi ò ní parọ́. Yàrá tó tóbi, tí atẹ́gùn ń wọ̀, tí ẹranko lè jáde nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ kéré sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí n dárúkọ ìwọ̀n kan tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣe ológbò ní nǹkan, mi ò ní in. Èmi ò ní gbé e sí yàrá tí ológbò ń sùn. Àwọn dókítà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bó bá ṣáà ti mọ níwọ̀n.

Ṣẹ́gun_O, 12:03 òru

Èmi ti ká tiwa kúrò nílẹ̀. Kí ìyàwó mi bá mi jà tó bá jí.

Àdùkẹ́, 10:20 àárọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹ káàárọ̀ o. A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago 9:40 alẹ́. Ìgbóná ara rẹ̀ wà ní 36.4, dókítà ní ó yẹ kó wà láàárín 38 sí 39. Wọ́n gbé e sórí ohun tó ń mú ara móoru, wọ́n fi dírípù sí i, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan nítorí gbígbọ̀n náà. Wọ́n tún fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní a ò dé abẹ́ ọrùn dáadáa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n á tún un fà lọ́la àti lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ó ti ń rìn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń yẹ̀ lápá kan. Wọ́n ò tíì dá a sílẹ̀. Mo béèrè bóyá oògùn kan wà tó ń pa oró náà, dókítà ní kò sí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n gbé e ró títí ara rẹ̀ á fi yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Àbúrò mi ò tíì jẹun láti àná. Ẹ bá mi sọ fún un pé kò pa á.

Bàbá Ajá Méjì, 10:34 àárọ̀

Àbúrò wa, lọ jẹun. Ológbò ti ń rìn.

Bọ́sẹ̀, 11:02 àárọ̀

Ẹ kú oríire mà. Ẹ má bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ òróró àgbọn. Ìbéèrè mi ni pé iná ṣì wà lára rẹ̀, kí ni wọ́n máa wá fi lé e? Mo ní èyí tó jẹ́ ti ajá nílé, ó ṣiṣẹ́ gan-an, a máa ń kán an sí ẹ̀yìn ọrùn ni. Bóyá ìdajì rẹ̀ á tó o.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, 11:06 àárọ̀

Rárá o, Bọ́sẹ̀! Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó fi lọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ pámẹ́tírìn níbẹ̀, kì í ṣe fún ológbò, ì báà jẹ́ ìdajì, ì báà jẹ́ ìdá mẹ́rin. Ajá ń gbà á mọ́ra, ológbò ń ti ara rẹ̀ bọ́ sínú gìrì. Ológbò tó kàn fi ara lẹ́ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í pa lára náà lè ṣàìsàn.

Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ bọ̀ sípò ná, kí ẹ wá ní kí dókítà fún yín ní èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò, tó sì bá kílò rẹ̀ mu. Fún ìsinsìnyí, òòyà iná tó ní eyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ máa fi yà á, kí ẹ máa rì í bọ inú omi ọṣẹ. Kí ẹ fọ aṣọ tó ń sùn lé, torí púpọ̀ nínú ẹyin iná wà nílẹ̀, kò sí lára rẹ̀. Bí òróró náà bá ti kan ìrọ̀rí tàbí aṣọ kankan lánàá, ẹ fọ ìyẹn ná kó tó padà dé.

Àdùkẹ́, aago 5 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lónìí, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó yẹ kó wà. A máa padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń jẹun, ó tún ti fò sórí àga. Dókítà fún wa ní oògùn iná tirẹ̀, àmọ́ ó ní ká má tíì lò ó títí wọ́n á fi rí àyẹ̀wò tó ń bọ̀, nítorí náà òòyà ni a ṣì ń lò. Àbúrò mi ló ń yà á.

Tọ́lání, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ fún yín mà. Èmi gbé dígí sí ẹ̀gbẹ́ dífúsà tiwa bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó yọ̀ lóòótọ́. Mo ti gbé e lọ sí yàrá tí ológbò kì í wọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ní pálọ̀. Ṣé òórùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn tó nǹkan?